Ẹ Má Tẹ Esc Lójú Èrò

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá kan ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀, pirojẹ́kítọ̀ ń tan síláìdì rẹ̀ sára ògiri, ọ̀rọ̀ sì ń lọ geerege. Ẹnì kan nawọ́ sókè látẹ̀yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà síbi tí ẹ ti ṣírò owó yẹn, n ò rí i dáadáa." Ọ̀gá bá tẹ Esc. Ojú ẹsẹ̀ ni àṣírí tú. Síláìdì kéékèèké tò sápá òsì, nóòtì tí ọ̀gá kọ fún ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó wá ń fi máòsì yí i sókè sódò, ó ń wá síláìdì tí wọ́n bèèrè. Gbogbo ìjọ ń bá a wá a. Àwọn tó wà níwájú tilẹ̀ ti ka nóòtì tán: "Má gbàgbé láti kí alága, kó má baà bínú." Alága náà sì wà lórí ìjókòó.

Iṣẹ́ tí Esc mọ̀ ni kó fòpin sí ìfihàn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa ò fẹ́ parí. Ó kàn fẹ́ padà sí síláìdì kan ni. Ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú PowerPoint tó ń lò, bó ṣe wà nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù. Bọ́tìnnì kan wà tó ń fi òkùnkùn bo ojú ògiri, òmíràn wà tó ń gbé ènìyàn lọ tààrà sí síláìdì tó bá fẹ́, ọ̀nà sì wà tí nóòtì fi máa wà lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan tí àwùjọ ò ní í rí i. PowerPoint orí Windows ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Tó bá yá, màá sọ ibi tí àwọn tó kù ti yàtọ̀.

Ká mú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ jábọ̀ ohun tí wọ́n fi odindi ọdún ṣe. Síláìdì 24 ló tò: owó tó wọlé wà ní 6, ẹ̀yáwó wà ní 9, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n rà wà ní 13, èrè tí wọ́n máa pín wà ní 17, ọpẹ́ sì wà ní 24. Akọ̀wé yìí gbọ́n, ó mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tún ṣe mẹ́rin mìíràn sẹ́yìn ọpẹ́, láti 25 dé 28, tí kò ní í fi hàn àfi bí wọ́n bá bèèrè. Ẹ̀yáwó oṣù kọ̀ọ̀kan wà ní 25, rìsíìtì ilẹ̀ wà ní 26, owó tí báńkì yọ wà ní 27, ìṣirò ọdún tó kọjá wà ní 28.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò tẹ F5, síláìdì kìn-ín-ní yóò sì gba gbogbo ojú ògiri. Bó bá jẹ́ pé àárín ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bóyá iná lọ tí kọ̀ǹpútà sì tún tàn, Shift+F5 ni yóò tẹ̀, ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ láti orí síláìdì tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti gbé fún F5, bóyá ìmọ́lẹ̀ tàbí ohùn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà bá ń lọ sílẹ̀ dípò kí síláìdì gbòòrò, ẹ di bọ́tìnnì Fn mú kí ẹ tó tẹ F5.

Ìjábọ̀ dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ní síláìdì 13, ariwo bá sọ. Bàbá àgbà kan dìde, ó fẹ́ sọ ìtàn bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀ ọ̀hún. Ìtàn náà á gùn, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ilẹ̀ bá ṣì wà lójú ògiri, ojú àwọn ènìyàn kò ní í kúrò níbẹ̀: wọ́n á máa ka nọ́ńbà, wọ́n á máa tọ́ka, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ti Bàbá. Akọ̀wé kàn máa tẹ lẹ́tà B ni, láìfi Ctrl tàbí Shift kún un. Ojú ògiri á dúdú, ojú àwùjọ á sì yí sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí Bàbá bá parí, ó tún tẹ B, síláìdì 13 á padà bó ṣe wà. Àmì ìdánudúró, ìyẹn ẹyọ ìkán tí a ń fi parí gbólóhùn, ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

W ń ṣe bíi ti B, àmọ́ funfun ló ń gbé wá, kọ́mà sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ ohun tí funfun wúlò fún, wọ́n a ní ó kàn ń mú ojú ta ni. Òótọ́ ni pé ó ń mú ojú ta, pàápàá bí yàrá bá ṣókùnkùn, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì dúró sáàárín pirojẹ́kítọ̀ àti ògiri. Níbi tí mo ti rí i tó wúlò ni kíláàsì tí wọ́n ti ń tan pirojẹ́kítọ̀ sára pátákó funfun. Olùkọ́ tẹ W, pátákó mọ́lẹ̀ kedere, ó fa máákà yọ, ó sì ṣe ìṣirò níbẹ̀ láìsí pé lẹ́tà síláìdì ń dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó nù ún, ó tẹ W padà, ẹ̀kọ́ ń bá a lọ. Ẹni tó bá tẹ B níbẹ̀ yóò máa kọ̀wé nínú òkùnkùn.

Ẹ má retí pé dúdú tí B ń gbé wá yóò dúdú bí òru. Gílóòbù pirojẹ́kítọ̀ ṣì ń tàn nínú, nítorí náà ògiri á ní àwọ̀ eérú díẹ̀, a ó sì rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán náà fírífírí. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ pirojẹ́kítọ̀ ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lára rìmóòtù fún un. Ti Epson ni wọ́n ń kọ A/V Mute sí, ó sì ń pa ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ rántí pé òun tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tú wáyà, tí wọ́n ń tan kọ̀ǹpútà pa, nígbà tó jẹ́ pé rìmóòtù ni ẹnì kan jókòó lé lórí.

Ohun méjì ni kí ẹ má ṣe rárá. Ẹ má fa wáyà HDMI yọ nítorí pé ẹ fẹ́ kí ògiri dúdú. Windows á rí i pé síkíríìnì kejì ti lọ, á kó ohun gbogbo padà sójú kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá sì tún kì í bọ̀ ọ́, ẹ ó dúró dìgbà tí kọ̀ǹpútà àti pirojẹ́kítọ̀ bá tún mọ ara wọn, síláìdì sì lè má padà síbi tó wà. Ìkejì ni kí ẹ má fi ìwé tàbí páálí bo ojú pirojẹ́kítọ̀. Iná tó ń jáde níbẹ̀ gbóná, ó lè jó ohun tí ẹ fi bò ó, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ fífò. Akọ̀wé ti dé 17, ó ń ṣàlàyé èrè, obìnrin kan bá ní, "Ẹ̀yin ìyáàfin àti ọ̀gbẹ́ni, mélòó gan-an lẹ ní àwọn ènìyàn yá?" Síláìdì 9 ni ìdáhùn wà. Bó bá ń tẹ ọfà sẹ́yìn, ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́, gbogbo síláìdì tó ti kọjá á sì máa sáré kọjá lójú èrò, àwọn kan á sì tún rí nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ bèèrè lọ́nà. Kí ó tẹ 9, kí ó sì tẹ Enter. Ó parí. Bó bá dáhùn tán, ó tẹ 1 àti 7, ó tẹ Enter, ó ti padà sídìí èrè.

Nǹkan kan ń ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ kì í hàn níbikíbi, torí náà wọ́n á rò pé kò wọlé, wọ́n á tún un tẹ̀. Ẹni tó tẹ 17 lẹ́ẹ̀mejì ti kọ 1717, síláìdì bẹ́ẹ̀ kò sì sí nílé. Ẹ tẹ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ Enter, kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e. Fún àwọn ará wa ní Benin àti Togo tí wọ́n ń lo kíbọ́ọ̀dù Faransé, nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà kì í jáde àfi kí a di Shift mú. Bí a bá tẹ 9 lásán, ç ló ń jáde. Bí kọ̀ǹpútà bá ní nọ́ńbà lápá ọ̀tún, ẹ lo ìyẹn, ẹ kàn wò ó pé Num Lock wà ní títàn.

Bọ́tìnnì Backspace kì í gbé ènìyàn padà sí 17. Láti 9, 8 ló máa gbé e lọ, torí ìtẹ̀léra síláìdì ló mọ̀, kò mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà tí ẹ ti kúrò, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ojú síláìdì, ẹ mú Last Viewed nínú ohun tó bá jáde, yóò dá yín padà síbi tí ẹ wà kẹ́yìn.

Àwọn mẹ́rin tí akọ̀wé fi pamọ́ ńkọ́? Nígbà tó ń to síláìdì, ó fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá òsì, ó sì mú Hide Slide. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá rí ìlà kan tó gba ojú nọ́ńbà rẹ̀ kọjá. Bí ìfihàn bá ń lọ, ọfà kò ní í dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ọpẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó bèèrè ẹ̀yáwó ò bá gbà, tó ní òun fẹ́ rí i lóṣooṣù, akọ̀wé á tẹ 25, á tẹ Enter, tábìlì oṣù méjìlá á sì yọ. Lójú tèmi, èyí gan-an ló yẹ kí akápò àti akọ̀wé mọ̀ kí wọ́n tó mọ bí síláìdì ṣe ń fò wọlé bí ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó rí tábìlì yẹn bí kò bá sẹ́ni tó bèèrè, ẹni tó bá sì bèèrè á rí i lójú ẹsẹ̀.

Kí èyí tó ṣeé ṣe, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Akọ̀wé kọ wọ́n sórí pépà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà: 6 owó tó wọlé, 9 ẹ̀yáwó, 13 ilẹ̀, 25 ẹ̀yáwó lóṣooṣù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Pépà yìí ní ìgbà tirẹ̀. Bí alága bá pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé pé kó fi síláìdì kan kún un fún àwọn olóògbé, tó sì fi sípò kẹta, gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sún síwájú. Ẹ̀yáwó di 10, ilẹ̀ di 14. Bó bá di ọjọ́ ìpàdé tó tẹ 9, síláìdì tó ṣáájú ẹ̀yáwó ló máa bá. Pépà ni kí a kọ kẹ́yìn, lẹ́yìn tí kò bá sí àtúnṣe mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà hàn nísàlẹ̀ síláìdì fúnra rẹ̀: Insert, Slide Number, ẹ fi àmì síwájú rẹ̀, ẹ tẹ Apply to All. Nígbà náà ẹni tó ń bèèrè á lè sọ pé, "Ẹ padà sí 9," dípò "ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ owó yẹn."

Síláìdì tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè fò lọ bá, ẹ má fi ìrìn sí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀, èyí tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń wọlé nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá fò débẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní òfìfo, kí àkọlé nìkan wà lókè, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́fà kí ìdáhùn tó jáde.

Ti nóòtì ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù, torí ọ̀rọ̀ síkíríìnì méjì ni. Nísàlẹ̀ síláìdì, nígbà tí a bá ń to ó, ibì kan wà tí wọ́n kọ Click to add notes sí. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò ní í sí lójú ògiri. Láti rí i nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ nílò ohun tí wọ́n pè ní Presenter View, àmì rẹ̀ sì wà lábẹ́ Slide Show, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Use Presenter View. Nínú rẹ̀, síláìdì tó wà lójú ògiri á tóbi lápá òsì, èyí tó kàn á kéré lápá ọ̀tún, nóòtì á wà lábẹ́ rẹ̀, aago tó ń ka ìṣẹ́jú tí ẹ ti lò á wà lókè. Bọ́tìnnì A ńlá àti A kékeré wà nísàlẹ̀ nóòtì tí ẹ lè fi mú lẹ́tà tóbi. Ẹni tó bá ń lo awò ojú á mọyì wọn.

Àmọ́ Windows gbọ́dọ̀ mọ̀ pé síkíríìnì méjì ni, pé kì í ṣe ẹ̀dà ara wọn. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ P. Ohun mẹ́rin á jáde. Duplicate túmọ̀ sí pé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ló máa wà lójú ògiri. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kò sí ibi tí nóòtì lè sá pamọ́ sí. Extend ni kí ẹ mú. Ojú ògiri á kọ́kọ́ hàn bí ojú kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹlòmíì á sì bẹ̀rù pé pirojẹ́kítọ̀ ti kú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ tẹ F5, síláìdì á lọ sógiri, nóòtì á dúró tì yín.

Nígbà mìíràn, ó máa ń rí bákan: nóòtì lọ sógiri, síláìdì wá sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má tẹ Esc. Ẹ tẹ Display Settings lókè Presenter View, kí ẹ mú Swap Presenter View and Slide Show. Wọ́n á pààrọ̀ ipò. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ lójú èrò, ẹ dánwò nílé. Alt+F5 ń ṣí Presenter View kódà bí síkíríìnì kan ṣoṣo bá wà, torí náà ẹ lè mọ bó ṣe rí láìní pirojẹ́kítọ̀. Bí ẹ bá wà nínú Duplicate, tí ẹ bá tẹ Alt+F5 níwájú àwùjọ, gbogbo wọn á ka nóòtì, ẹ rántí o.

Nínú Presenter View, lẹ́tà G ń tú gbogbo síláìdì jáde lójú yín nìkan, ní kékeré, tó fi mọ́ àwọn tí ẹ fi pamọ́. Àwùjọ ò rí ju síláìdì tó wà níwájú wọn lọ. Ẹ ó fi máòsì tẹ èyí tí ẹ fẹ́, òun ló máa lọ sógiri. Ẹni tí pépà rẹ̀ bá sọ nù, ibẹ̀ ni yóò sá lọ. Láìsí Presenter View, G á fi gbogbo wọn hàn lójú ògiri, nítorí náà nọ́ńbà ló dára jù nígbà náà.

Ohun kan ló máa ń jẹ́ kí gbogbo èyí kọ̀ lọ́wọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun mìíràn ló wà níwájú lójú kọ̀ǹpútà, bóyá fèrèsé WhatsApp tó yọ, tàbí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ nǹkan. Kíbọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀ fún ìyẹn. Rìmóòtù ọwọ́ pẹ̀lú, bíi Logitech R400, kíbọ́ọ̀dù kékeré ni lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì dúdú rẹ̀ kàn ń fi àmì ìdánudúró ránṣẹ́ ni. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tí ògiri ò dúdú, tí ìkán wá ń jáde níbi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ fi máòsì tẹ ojú Presenter View lẹ́ẹ̀kan, ohun gbogbo á tún ṣiṣẹ́. Rìmóòtù náà kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ máa fò láti orí pèpéle á ní kí ẹnì kan jókòó tì kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú pépà yẹn.

Ní Google Slides, B, W àti nọ́ńbà pẹ̀lú Enter ń ṣiṣẹ́ bákan náà, àmọ́ Ctrl+F5 ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà S ló sì ń ṣí nóòtì. Nóòtì ọ̀hún á yọ nínú fèrèsé ọ̀tọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fà sójú kọ̀ǹpútà yín fúnra yín. Ní Keynote ti Apple, X ni ẹ ó tẹ̀ bí síkíríìnì méjèèjì bá pààrọ̀ ipò. LibreOffice Impress, tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ní B àti W tirẹ̀, Ctrl+2 ń mú nóòtì wá, Ctrl+3 ń tú gbogbo síláìdì jáde, Ctrl+4 ń pààrọ̀ síkíríìnì. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì èyíkéyìí ló ń mú ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn B níbẹ̀, tó fi mọ́ yíyí àgbá máòsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ògiri dúdú títí Bàbá á fi parí ìtàn ilẹ̀, kó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.